Owó Inú Lẹ́tà, Owó Inú Àpò

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan n'Ìkẹjà. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ sọ pé àpapọ̀ owó rẹ̀ lọ́dún jẹ́ ₦3,600,000. Kó tó délé lọ́jọ́ náà ló ti fi oṣù méjìlá pín in: ₦300,000 lóṣù, kí wọ́n tó yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì. Nígbà tí oṣù parí, ìwé ìsanwó tí wọ́n fún un kọ ₦278,000 sí òkè pátápátá, níbi tí wọn ò tíì yọ kọ́bọ̀ kan kúrò. Ó gbà pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Akáùǹtáǹtì ní òun ò fọwọ́ kan owó ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n kà, ojú ewé tí wọ́n kà ni ò dọ́gba.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó ti irú lẹ́tà báwọ̀nyí. Bí ilé iṣẹ́ kan bá fẹ́ kó owó oṣù rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, tàbí tó gba òṣìṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnì kan ní láti ka lẹ́tà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó yọ gbogbo owó tó wà níbẹ̀, kó sì tò wọ́n sínú àtẹ kan ṣoṣo. Àtẹ ìpìlẹ̀ ni àwa ń pè é. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà yóò máa san lóṣooṣù títí ẹnì kan yóò fi yí i padà. Ẹni tó bá ṣìrò owó ìrẹsì lọ́jà, ẹ̀ẹ̀kan ló ṣì í. Ẹni tó bá ṣì í nínú àtẹ ìpìlẹ̀, ẹ̀ẹ̀méjìlá lọ́dún ni, kò sì ní gbọ́ nǹkan kan títí ẹnì kan yóò fi bínú wọ ọ́fíìsì.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ní abala 7, pa á láṣẹ pé láàárín oṣù mẹ́ta tí òṣìṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó sọ iye owó rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ àti ìgbà tí wọn yóò máa san án. Àmọ́ òfin ò sọ irú ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi kọ ọ́. Olúkúlùkù ọ̀gá ló ń wo lẹ́tà ibi tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kọ tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí “owó oṣù” nínú lẹ́tà kan fi lè jẹ́ gúróòsì, ìyẹn àròpọ̀ owó kí wọ́n tó yọ ohunkóhun. Nínú òmíràn, kó jẹ́ owó àmúrelé, èyí tí yóò wọ báǹkì gan-an. Nínú ẹ̀kẹta, kó jẹ́ pákéèjì, ìyẹn gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ náà yóò ná ilé iṣẹ́, títí kan èyí tí kò ní fojú kàn láéláé. Ọ̀rọ̀ kan, owó mẹ́ta. Ẹni tó bá ń to àtẹ ìpìlẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni kó mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lọ́wọ́ òun.

Ẹ jẹ́ ká tú lẹ́tà ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn wò. Ojú ewé kìíní ni ₦3,600,000 wà. Ojú ewé kẹta, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà dé nítorí ayọ̀, ni wọ́n ti pín in. Owó oṣù pọ́ńbélé, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní béésíìkì, jẹ́ ₦1,440,000 lọ́dún. Owó ilé jẹ́ ₦900,000, owó ọkọ̀ ₦540,000, owó iná àti omi ₦336,000, owó oúnjẹ ọ̀sán ₦120,000. Ó wá ku ìlà méjì. Ọ̀kan ni owó ìsinmi, tó jẹ́ 10% béésíìkì, ìyẹn ₦144,000. Èkejì ni owó oṣù kẹtàlá, tó jẹ́ béésíìkì oṣù kan, ₦120,000. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ₦3,600,000 ni yóò fún yín, kò lé, kò dín.

Ìlà méjì tó kẹ́yìn yẹn ni gbogbo ìjà náà. Ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá ń lọ fún ìsinmi ni wọ́n ń san owó ìsinmi. Oṣù Kejìlá ni wọ́n ń san owó oṣù kẹtàlá. Inú ọdún ni wọ́n wà, wọn ò sí nínú oṣù. Ẹ yọ ₦264,000 kúrò nínú ₦3,600,000, yóò ku ₦3,336,000. Ẹ fi méjìlá pín in, ₦278,000 nìyẹn. Wọn ò rẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà jẹ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un ni.

Àṣìṣe ti òdì kejì ló burú jù, nítorí òṣìṣẹ́ kì í wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ẹni tó ń to àtẹ lè kánjú pín ₦3,600,000 sí méjìlá, kó kọ ₦300,000 lóṣù, kó sì tún kọ owó ìsinmi àti owó oṣù kẹtàlá sí ìlà tiwọn nítorí pé ó rí wọn nínú lẹ́tà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló san owó kan náà nìyẹn. ₦264,000 ni lórí ẹnì kan. Bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ ogójì, ₦10,560,000 ni lọ́dún, àwọn ayẹ̀wéowówò ni yóò sì rí i. Tí ẹ bá ti ní kí òṣìṣẹ́ dá owó tó ti ná padà rí, ẹ ó mọ̀ pé ó sàn kí wọ́n bínú sí yín ní ìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, nínú àtẹ tèmi, ẹnì kan kì í ní ìlà kan. Gbogbo owó tí lẹ́tà bá dárúkọ ló ń ní ìlà tirẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ní ìlà méje. Ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn kí orúkọ wà lápá òsì, kí gbogbo àjẹmọ́nú wà ní òpó-òpó lọ sí apá ọ̀tún. Ó dára fún wíwò, àmọ́ bí lẹ́tà kẹwàá bá ti dé pẹ̀lú owó aṣọ, tí ìkọkànlá mú owó ewu iṣẹ́ alẹ́ wá, àtẹ náà yóò ní òpó ogójì, òfìfo ló sì máa pọ̀ jù níbẹ̀. Òfìfo kò sọ bóyá owó náà kò sí nínú lẹ́tà tàbí pé ẹni tó kà á ló fò ó.

Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ nọ́ńbà òṣìṣẹ́, àmì irú owó tó jẹ́, iye tí lẹ́tà kọ gan-an láìfọwọ́ kàn án, àti àmì ìgbà tí wọ́n ń san án. M ni mo ń kọ bí lẹ́tà bá sọ iye oṣù kan. Y bí ó bá sọ iye ọdún tí wọn yóò pín sí oṣù méjìlá. X bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó parí. Òpó tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù lójú mi: ibẹ̀ ni mo ń da gbólóhùn inú lẹ́tà kọ, bó ṣe wà gan-an, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ewé. Bí ẹnì kan bá ní owó òun kò pé, a kì í wá lẹ́tà káàkiri mọ́. A ó ka gbólóhùn náà sí i létí.

Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ìyókù. Bí iye inú lẹ́tà bá wà ní òpó D, tí àmì ìgbà wà ní òpó E, ìṣirò méjì péré ló kù:

```
F2: =IF(E2="M",D2*12,D2)
G2: =IF(E2="X",0,ROUND(F2/12,2))
```

Ti àkọ́kọ́ sọ gbogbo owó di ti ọdún. Èkejì sọ ọ́ di ti oṣù, ó sì yọ ti ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún sílẹ̀. Lẹ́yìn tí mo bá to ẹnì kan tán, mo máa ń ro òpó F rẹ̀ pọ̀:

```
=SUMIFS(F:F,A:A,"K01")
```

Iye tó bá jáde gbọ́dọ̀ bá àpapọ̀ tí lẹ́tà fúnra rẹ̀ kọ mu. Bí ₦3,600,000 bá jáde, mo tẹ̀ síwájú. Bí ₦3,456,000 bá jáde, mo ti mọ̀ pé owó ìsinmi ni mo fò, nítorí ₦144,000 ló dín. Ó yani lẹ́nu bí iye tó dín ṣe máa ń dárúkọ ara rẹ̀ báyìí. Mi ò kì í fi àlàfo náà kún “àjẹmọ́nú mìíràn” kó lè dọ́gba. Mo mọ ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ṣe é fún odindi ọdún kan.

Àmì irú owó náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́. Òfin Àtúnṣe Owó Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé kí òṣìṣẹ́ dá ó kéré tán 8%, kí agbanisíṣẹ́ dá ó kéré tán 10%, lórí owó tí àdéhùn iṣẹ́ bá pè ní owó oṣù rẹ̀. Àmọ́ iye náà kò gbọdọ̀ kéré sí béésíìkì, owó ilé àti owó ọkọ̀ tí a ro pọ̀. Fún ọ̀dọ́mọkùnrin wa, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ₦2,880,000 lọ́dún, ₦240,000 lóṣù. Wọn yóò yọ ₦19,200 lára rẹ̀, ilé iṣẹ́ yóò fi ₦24,000 kún un. Bí lẹ́tà kan bá wá kọ “owó ilé àti ohun èlò ilé” pa pọ̀, ṣé owó ilé ni gbogbo rẹ̀? Bí ẹ bá fi àmì owó ilé sí i, owó ìfẹ̀yìntì yóò gbéra. Bí ẹ bá fi àmì mìíràn sí i, ẹ ti dín owó ogbó ẹnì kan kù láìbi í. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n ní àkójọ àmì kan tí kò ju méjìlá lọ, tí ọ̀gá tó ni owó ti fọwọ́ sí, kí gbogbo orúkọ àjèjì tí mo bá pàdé sì wá ilé rẹ̀ síbẹ̀. Èyí tí kò bá rílé, mo ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ lórí rẹ̀. Mi ò kì í dá àmì tuntun sílẹ̀ fún un ní òru.

Owó oúnjẹ náà máa ń tan ni. Ti ọ̀dọ́mọkùnrin yìí rọrùn, ₦120,000 lọ́dún ni. Àmọ́ lẹ́tà mìíràn a máa sọ pé “₦1,000 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá wá síbi iṣẹ́.” Ẹni tó bá sọ ọ́ di ₦22,000 lóṣù ti ṣẹ̀dá owó tí lẹ́tà ò sọ. Kì í ṣe owó oṣù nìyẹn. Owó ojúmọ́ tó ń tẹ̀ lé ìwé ìfọwọ́síwọlé ni. Ìlà rẹ̀ wà nínú àtẹ, òpó oṣù rẹ̀ ṣófo, mo sì kọ ìdí rẹ̀ síwájú.

Lẹ́tà kejì jẹ́ ti nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn aládàáni. Ojú ewé kan péré ni. Ó sọ pé: “Owó oṣù yín yóò jẹ́ ₦250,000, lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì.” Kò sí béésíìkì, kò sí owó ilé. Owó àmúrelé ni ilé ìwòsàn náà ṣèlérí.

Bí mo bá fojú fo gbólóhùn kejì yẹn, tí mo kọ ₦250,000 sí ibi gúróòsì, ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ká ní àṣà ilé ìwòsàn náà ni pé béésíìkì, owó ilé àti owó ọkọ̀ jẹ́ 80% gúróòsì. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ yóò jẹ́ ₦16,000 lóṣù. Lábẹ́ Òfin Owó Orí Nàìjíríà ti ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí, ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e ní 15%, ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé e ní 18%. Owó nọ́ọ̀sì yìí lọ́dún jẹ́ ₦3,000,000. Nígbà tí a bá yọ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ₦2,808,000 ló kù fún owó orí láti wò. Owó orí rẹ̀ jẹ́ ₦301,200 lọ́dún, ₦25,100 lóṣù. Ohun tí yóò wọ báǹkì rẹ̀ ni ₦208,900. Wọ́n ṣèlérí ₦250,000 fún un. Ó dín ní ₦41,100, gbólóhùn kan ṣoṣo tí mo fò ló fà á.

Láti mú kí ₦250,000 wọ ọwọ́ rẹ̀, gúróòsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan bíi ₦302,924 lóṣù, bí a bá tẹ̀ lé àṣà 80% yẹn. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó ń ṣèlérí owó àmúrelé kò mọ̀ pé ìlérí náà ju ohun tó wà lẹ́nu wọn lọ pẹ̀lú ₦52,924, kí a tó ka 10% owó ìfẹ̀yìntì tí àwọn fúnra wọn yóò dá. Nígbà tí mo fi ìṣirò náà han ọ̀gá kan rí, ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó ṣe é fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́.

Ohun tí mo ń kọ sínú àtẹ fún nọ́ọ̀sì yìí ni ₦250,000, pẹ̀lú àmì pé owó àmúrelé ni. Mi ò kì í kọ ₦302,924 sí àyè iye inú lẹ́tà. Lẹ́tà kò kọ ọ́, kò sì ní dúró síbẹ̀ títí. Bí nọ́ọ̀sì náà bá mú ìwé owó ilé tó ń san wá, òfin tuntun yọ̀ǹda kí a yọ 20% owó ilé náà, tí kò ní kọjá ₦500,000, kúrò nínú ohun tí owó orí ń wò. Gúróòsì tí ìlérí náà nílò yóò sì dín kù. Bí ìjọba bá yí ìdá owó orí padà, gúróòsì tún yí padà, àmọ́ ₦250,000 kò yí. Ẹni tó bá kọ ₦302,924 gẹ́gẹ́ bí owó tó dúró gbọin ti so ìlérí àná mọ́ òfin àná.

Gbólóhùn kan tún wà nísàlẹ̀ lẹ́tà rẹ̀: “Àkókò ìdánwò jẹ́ oṣù mẹ́fà. Bí a bá fìdí iṣẹ́ yín múlẹ̀, owó yín yóò di ₦280,000 lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì.” Ìlà méjì nìyẹn. Àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó wọṣẹ́. Ẹ má fi ọjọ́ tí wọ́n kọ lẹ́tà ṣe é, nítorí ọ̀sẹ̀ méjì lè wà láàárín wọn. Ìkejì ni ẹ̀tàn wà. Ọwọ́ máa ń yá láti ka oṣù mẹ́fà síwájú, kí a kọ ọjọ́ náà, kí kọ̀ǹpútà ṣe ìyókù. Àmọ́ lẹ́tà kò sọ pé “lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.” Ó ní “bí a bá fìdí iṣẹ́ yín múlẹ̀.” Ìwé mìíràn ni yóò ṣí ìlẹ̀kùn yẹn. Mo ń fi ìlà náà sílẹ̀ láìní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, mo sì ń kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà pé ní oṣù karùn-ún, kí a béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró. Bí a kò bá béèrè, nọ́ọ̀sì náà lè wà nínú ìdánwò fún ọdún méjì láìsí pé ẹnikẹ́ni fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà kẹta jẹ́ ti ẹnjiníà kan. “Pákéèjì yín lápapọ̀ jẹ́ ₦6,000,000 lọ́dún,” ni wọ́n kọ, “pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì tí ilé iṣẹ́ yóò dá àti adójútòfò ìlera.” Nínú àfikún ẹ̀yìn lẹ́tà, adójútòfò náà jẹ́ ₦180,000. Ẹnjiníà yóò rò pé ₦500,000 ni gúróòsì òun lóṣù. Bí a bá yọ ₦180,000, ₦5,820,000 ló kù, àmọ́ owó ìfẹ̀yìntì agbanisíṣẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Bí 80% bá tún jẹ́ àṣà ilé iṣẹ́ náà, 10% rẹ̀ jẹ́ 8% gúróòsì. A ó fi 1.08 pín ₦5,820,000: gúróòsì jẹ́ ₦5,388,889 lọ́dún, ₦449,074 lóṣù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dín ₦51,000 sí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Lójú tèmi, irú lẹ́tà yìí kò tọ́ sí òṣìṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ mọ bí ₦6,000,000 ṣe ń dún létí.

Adójútòfò ìlera náà gbọ́dọ̀ ní ìlà nínú àtẹ. Ọkọ̀ tí wọ́n fún un àti fóònù náà gbọ́dọ̀ ní tiwọn, bí kò tilẹ̀ sí owó kankan tó ń gba báǹkì rẹ̀ kọjá. Àmì pé kì í ṣe owó ni mo ń fi sí wọn. Bí wọn ò bá sí nínú àtẹ, ọjọ́ tí òfin owó orí bá béèrè ohun tí ilé iṣẹ́ fún un lẹ́yìn owó, kò sẹ́ni tí yóò rántí ọkọ̀ náà.

Lẹ́tà ẹnjiníà yìí tún ní àléébù kan. Ojú ewé kìíní sọ ₦6,000,000. Àwọn ìlà inú àfikún, bí mo ti rò wọ́n tó, ₦5,880,000 ni wọ́n ń fún mi. Mo kọ́kọ́ fura sí ojú ara mi, nítorí ìwé tí wọ́n síkáànù ni. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń sọ 8 di 3, 5 di lẹ́tà S, àmì náírà di N tàbí W. Kọ́má lè di àmì ìdánudúró, kí ₦1,200,000 wá di 1.200,000 tí Excel yóò tọ́jú bí ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ lè mọ̀ ọ́n: nọ́ńbà gidi máa ń fara ti apá ọ̀tún àpótí rẹ̀, èyí tó ti di ọ̀rọ̀ máa ń fara ti apá òsì. `=ISNUMBER(D2)` yóò sọ FALSE fún un. Ewu rẹ̀ ni pé SUMIFS kì í pariwo bó bá pàdé ọ̀rọ̀, ńṣe ló kàn ń fò ó kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Mo fi ojú wo lẹ́tà ẹnjiníà náà, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, lórí ìwé fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà wọn pé. Lẹ́tà náà gan-an ni kò bá ara rẹ̀ mu, ₦120,000 ló sì wà láàárín.

Ìgbà yìí ni ọkàn máa ń sọ fúnni pé owó dátà ni wọ́n gbàgbé, nítorí ₦10,000 lóṣù ni ₦120,000 lọ́dún, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ní owó dátà tó jẹ́ iye yẹn gẹ́lẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó tún lè jẹ́ pé ₦5,880,000 ni wọ́n fẹ́ san, tí akọ̀wé kò tún ojú ewé kìíní tẹ̀. Mi ò lè mọ̀, kì í sì í ṣe iṣẹ́ mi láti mọ̀. Mo kọ iye méjèèjì sínú àtẹ pẹ̀lú gbólóhùn wọn, mo fi àwọ̀ pupa sí ìlà náà, mo sì fi ìwé kan ránṣẹ́ sí ẹni tó buwọ́ lu lẹ́tà. Kò gùn: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ojú ewé 1 sọ ₦6,000,000, àfikún fún wa ní ₦5,880,000. Èwo ni ká san? Bí ó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, orúkọ wo ni ká fún ₦120,000 tó ṣẹ́kù?” Ìbéèrè kejì yẹn ṣe pàtàkì, nítorí bí ọ̀gá bá kàn dáhùn pé “₦6,000,000,” mi ò tíì mọ bóyá owó ìfẹ̀yìntì yóò kan ₦120,000 náà.

Kí wọ́n tó ṣí àtẹ fún kọ̀ǹpútà láti san owó, ẹlòmíì gbọ́dọ̀ mú lẹ́tà mélòó kan láìwo ohun tí mo kọ, kó to ìlà tirẹ̀, kí a wá fi wọ́n wéra. Lẹ́yìn náà ni a ń tẹ ìwé ìsanwó oṣù kan tí kò ní owó nínú, ti ìdánwò lásán, a ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà. Níbẹ̀ ni a ti rí i ní ọdún kan pé owó ìsinmi gbogbo òṣìṣẹ́ ń jáde lóṣooṣù. Ẹnì kan ti kọ Y níbi tó yẹ kó kọ X.

Ọ̀dọ́mọkùnrin Ìkẹjà ti gba tirẹ̀. Mo ka ojú ewé kẹta sí i létí, ó béèrè oṣù tí òun lè lọ fún ìsinmi, ó sì lọ. Gúróòsì nọ́ọ̀sì ti dúró lórí ìṣirò tí ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ sí. Ìlà ẹnjiníà ṣì pupa. Ọ̀gá ní òun yóò dáhùn lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni a ń san owó oṣù.